Ogún Ìṣẹ́jú Lábẹ́ Máńgòrò

Hàrúnà Àkànbí kò tíì fi ojú kan Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n ọdún kẹsàn-án rèé tí àwọn àlejò ti ń pè é ní Alájì, òun kò sì tíì rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó já wọn ní koro. Ní Ìlọrin, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, tí fìlà rẹ̀ funfun, tí inú mọ́tò rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, ta ni yóò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀?

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbé àlejò kiri fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń pa kajú ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Kí iṣẹ́ yìí tó dé, iṣu ni ó ń gbé. Ọdún méjìlélógún ni ó fi wa lọ́rì iṣu wọ ọjà Ìpàtà. Iṣu dára ní èrò ọkọ̀: kì í béèrè ibi tí a dé, kì í ní kí a dín rédíò kù. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹ̀yìn awakọ̀ ló ń san owó ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn Àkànbí di ohun tí kò jẹ́ kó lè rúkúù dáadáa nídìí ìrun mọ́, Hàjíà Màsúdát tó ni ilé-iṣẹ́ kajú náà fi kọ́kọ́rọ́ Kòróólà kan lé e lọ́wọ́, ó ní, “Èèyàn ni wàá máa gbé báyìí. Máa rọra gba kòtò.” Láti ọjọ́ náà ni Àkànbí ti ń rọra gba kòtò.

Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi bù máṣọ ní ọ̀sán ọjọ́ Túsídeè kan nínú oṣù kẹrin, nígbà tí Hàjíà pè é sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ti ń sá kajú, tí ó sì wò ó láti orí fìlà dé bàtà.

“Àkànbí.”

“Hàjíà.”

“Ṣé o rí àlejò tí o gbé wá láàárọ̀?”

“Mo rí i, Hàjíà.”

“Ó sùn.”

Àkànbí náà rí i. Òun ló gbé àpótí ẹ̀rọ wọlé, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Dúrótìmí Láníyọnu, ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ẹnjiníà, tí ó wá láti ìlú Fankúfà ní Kánádà nítorí kí ó lè ta ẹ̀rọ tí ń fọ́ èèpo kajú láì fọ́ ọmọ inú rẹ̀, wọ awò ojú dúdú wọ inú yàrá ìpàdé. Kò bọ́ ọ. Àwọn àgbà mẹ́ta tí àwọn àti Hàjíà jọ ni ilé-iṣẹ́ náà wo ara wọn lójú. Ọ̀kan sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó ń bẹ̀rù àpólò. Nígbà tí Hàjíà fi máa ka ìwé owó iná mànàmáná dé ìdajì, awò dúdú náà ti wà lórí tábìlì, orí Dúrótìmí sì wà lórí awò.

“Mo sún ìpàdé sí ọ̀la,” ni Hàjíà wí. “Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, torí aago kan ọ̀sán ni bàálù rẹ̀ máa gbéra padà sí Èkó. Ẹ̀rọ yẹn dára, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yẹn ò ní fọwọ́ sí ìwé fún ẹni tó ń hanrun. Ọwọ́ ẹ ni mo fi í sí di àárọ̀ ọ̀la. Tí ó bá tún sùn sórí tábìlì mi, mi ò ní ra ẹ̀rọ, ìwọ náà á sì padà lọ bá àwọn èrò rẹ ní Ìpàtà. Mo gbọ́ pé iṣu ti tà dáadáa lọ́dún yìí.”

Kò rẹ́rìn-ín. Hàjíà Màsúdát kì í fi iṣu ṣe yẹ̀yẹ́.

*

Dúrótìmí jókòó sí iwájú mọ́tò, kò jókòó sẹ́yìn. Èyí dùn mọ́ Àkànbí. Ó ní kọfí kan lọ́wọ́, ó ń mu ún bí ẹni tó ń gba omi sílẹ̀ de ọ̀dá.

“Alájì, ìgbẹ̀yìn rèé,” ni ó wí. “Aago méjì ti fẹ́ẹ́ lù. Tí mo bá mu kọfí kọjá àkókò yìí, mi ò ní sùn lálẹ́.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé oorun ló ń pa yín ni àbí àárẹ̀?”

Dúrótìmí rẹ́rìn-ín. Ìbàdàn ni ó gbé dàgbà kí wọ́n tó kó lọ sí òkè òkun, Yorùbá rẹ̀ ṣì já gaara, àfi pé ó máa ń dúró díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò.

“Jẹ́ẹ̀tì láàgì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wò ó, nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán níbí, aago mẹ́rin ìdájí ni ní ọ̀dọ̀ wa. Bàálù ti gbé ara mi dé, ṣùgbọ́n aago inú mi ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Fankúfà. Nígbà tí Hàjíà ń sọ̀rọ̀ owó iná láàárọ̀, àárín òru gan-an ni fún mi.”

“Awò dúdú yẹn ńkọ́?”

“Ìmọ́lẹ̀ ló ń yí aago yẹn. Tí n bá jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ wọ ojú mi lónìí, ọ̀nà òdì ni aago náà máa yí sí. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí aago kan ọ̀sán lọ, oòrùn ni oògùn mi. Ìta ni kí n wà. Kí n máa rìn, kí n mu omi, kí n má jẹ oúnjẹ tó wúwo, kí n má sùn títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Tí mo bá fi ọ̀sán yìí sùn, òru ni ojú mi máa dá wáí, ọ̀la a sì tún rí bíi tòní.”

Àkànbí gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún sósì. Gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì gbọ́ pé oòrùn Ìlọrin, nínú oṣù kẹrin, jẹ́ oògùn fún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n iṣu kò kọ́ ọ ní àríyànjiyàn.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ó wí. “Níbo ni ẹ fẹ́ lọ fi gba oògùn?”

Dúrótìmí fa ìwé kan yọ. “Ọ̀sán kan ṣoṣo yìí ni mo ní, Alájì. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ rí Ìlọrin.” Ó kà á sókè: iwájú ààfin Ẹ́míà, mọ́sálásí gbàngbà, Ọjà-Ọba, àwọn aláṣọ òfì, àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlele, Òkè Sobí, Ìpàtà.

“Ibi méje.”

“Mo ti ṣírò ọ̀nà lórí fóònù. Wákàtí mẹ́rin tó.”

“Ṣé ẹ ṣírò kíkí mọ́ ọn?”

“Kíkí?”

“Ọ̀gá, èmi ni mo máa mú yín lọ. Tí mo bá dé Ọjà-Ọba, tí n kò kí àwọn èèyàn mi, lọ́la wọ́n á ní mo ti ń ṣàìsàn. Fóònù yẹn mọ ọ̀nà, kò mọ aráàlú. Ẹ mú mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má mú Ìpàtà. Iṣu ló wà níbẹ̀. Mo ti wò ó fún yín fún ọdún méjìlélógún.”

Dúrótìmí wo ìwé rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó mú àkàrà kan nínú méje. “Amọ̀kòkò kò gbọ́dọ̀ yẹ̀,” ni ó wí níkẹyìn. “Màmá mi ní àmù Ìlọrin kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi ni mo fọ́ ọ.”

“Ẹ sọ fún wọn?”

“Mo ní ewúrẹ́ ni.”

“Ẹ̀yin àti ewúrẹ́ yẹn, Ọlọ́run a dá yín láre.”

*

Ní Ọjà-Ọba, oògùn pọ̀ ju bí wọ́n ṣe nílò lọ. Oòrùn dúró lókè orí, kò sí ẹni tí kò sá sábẹ́ nǹkan: àwọn aláṣọ wà lábẹ́ agboòrùn, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kẹ̀kẹ́ bọ abẹ́ ògiri, ewúrẹ́ pàápàá ń fi ìdí ti ìdí lábẹ́ tábìlì ẹlẹ́ran. Dúrótìmí nìkan ni ó bọ́ awò dúdú rẹ̀ sápò, tí ó dúró sí gbangba níwájú ààfin, tí ó gbé ojú sókè.

Obìnrin kan tó ń ta fìlà fa Àkànbí láṣọ. “Alájì, kí ló ń ṣe ọ̀gá yẹn?”

“Ó ń sá ara rẹ̀.”

“Bí èlùbọ́?”

“Bí èlùbọ́ gan-an. Tí ó bá gbẹ tán, a máa gbé e lọ sílé.”

Wọ́n wo ẹnubodè ààfin. Wọ́n wo mọ́sálásí láti ìta, àwọn òpó gíga rẹ̀ wọ inú ọ̀run lọ. Wọ́n kí èèyàn mọ́kànlá, Àkànbí sì yẹra fún márùn-ún míì pẹ̀lú ọgbọ́n. Dúrótìmí ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń ya fọ́tò, ó ń mu omi, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkànbí bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òyìnbó tó ṣàwárí oògùn yìí mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nǹkan yí. Dúrótìmí ra fìlà kan lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà, ó padà lọ ra òmíràn tó bá a mu délẹ̀, ó sì tún ń ná an. Lẹ́yìn náà, ó yà fún ewúrẹ́ kan lọ́nà, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kó máa kọjá. Ewúrẹ́ náà kọjá. Àkànbí kò rẹ́rìn-ín. Ó rí iṣu. Iṣu lórí lọ́rì, òkìtì-òkìtì, gbogbo wọn sì ń dúró dè é.

“Alájì,” ni Dúrótìmí wí nígbà tí wọ́n wọ mọ́tò, “ojú mi ti ń pa dé. Tí n bá rí ibì kan fẹ̀yìn lélẹ̀, ogún ìṣẹ́jú péré, ara mi á padà. Ogún ìṣẹ́jú kò ní bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, mo gbé.”

Hòtẹ́ẹ̀lì jìnnà, bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ sì nípọn ju ohun tí èèyàn lè fi ogún ìṣẹ́jú bá ṣe ọ̀rẹ́ lọ. Ilé Àkànbí ló sún mọ́ ọn, lójú ọ̀nà Òkèlele gan-an, ìrun àsárì sì kù díẹ̀. Ó ṣẹ́rí mọ́tò.

Níbí ni Àkànbí ti ṣe àṣìṣe tí ọmọ Ìlọrin nìkan ló lè ṣe: ó mú àlejò lọ bá ìyá rẹ̀.

Ìyá Hàúwà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ni ààfin tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ó rí Dúrótìmí, ó rí ojú rẹ̀ tó ti pọ́n, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní.

“Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun, mà. Ẹ ṣeun, mà.”

“Irọ́ lo pa. Àmọ́ sùn ná.”

Dúrótìmí fi fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó ní yóò dún ní ogún ìṣẹ́jú, ó bọ́ bàtà, oorun sì gbé e lọ. Kò pa ojú dé ní díẹ̀díẹ̀. Ó lọ bí òkúta tó já sínú kànga.

“Màmá,” ni Àkànbí wí, “mò ń lọ kírun. Tí fóònù yẹn bá dún tí kò dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí i. Ó ṣe pàtàkì.”

Ìyá rẹ̀ ti mú abẹ̀bẹ̀. Ó ń fẹ́ eṣinṣin kúrò lójú àlejò. Kò dá a lóhùn, Àkànbí sì kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó ti tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí yẹ kó ti mọ̀ pé bí ìyá bá dákẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

*

Ìrun àsárì kì í pẹ́. Ṣùgbọ́n bí Lèmámù ti sálámà tán, tí ìrun parí, wọ́n gbé òkú bàbá arúgbó kan wọlé láti àdúgbò kejì, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dúró kí ìrun òkú. Ta ni yóò jáde? Ṣé yóò sọ fún òkú pé òun ní àlejò? Àkànbí dúró sí ìlà sààfù kejì, ó ṣe àdúà fún bàbá náà tọkàntọkàn, ó sì ń ṣe díẹ̀ fún ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n tún wàásù díẹ̀ lórí ikú, pé kò sí ẹni tó mọ wákàtí rẹ̀. Àkànbí mọ tirẹ̀: aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la.

Nígbà tí ó dé abẹ́ máńgòrò, aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú. Dúrótìmí wà bí ó ṣe fi í sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ìyá Hàúwà ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Fóònù kò sí níbẹ̀.

“Màmá, fóònù ọ̀gá dà?”

“Ó ń pariwo sí ọmọ ọlọ́mọ létí. Mo ti gbé e sínú garawa ìrẹsì.”

Àkànbí tẹ́tí. Láti inú yàrá, lábẹ́ ìrẹsì, nǹkan kan ń dún gbùgbùgbù bí kòkòrò tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn.

“Màmá! Mo ní kí ẹ jí i!”

“Mo gbọ́ ẹ.”

“Ó ti lé ní wákàtí kan! Tí ó bá sùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní sùn lóru, ọ̀la ó máa sùn níwájú Hàjíà, mo sì máa padà sídìí iṣu!” Ó ti na ọwọ́ sí èjìká Dúrótìmí.

Abẹ̀bẹ̀ bà á lọ́wọ́, pá.

“Àkànbí. Nínú ilé yìí, wọn kì í jí àlejò. Bàbá rẹ kò jí àlejò rí. Ọ̀gágun sùn síbí rí, darandaran sùn síbí, onígbèsè tí wọ́n ń wá kiri sùn síbí, fúnra wọn ni gbogbo wọn jí. Ẹni tó bá sùn ní iwájú ilé ẹni, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sí ọwọ́ ẹni ni. Ìwọ fẹ́ gbọn ọ́n bí ẹní?”

“Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n jí òun.”

“Nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ṣé oorun ń kùn ún àbí kò kùn ún?”

“Ó ń kùn ún.”

“Ẹni tí oorun ń kùn, ṣé wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀? Ara rẹ̀ ti dé, Àkànbí, oorun rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Jẹ́ kí ó bá a.”

Kò sí ẹni tó ń bá obìnrin ọlọ́gọ́rin ọdún jà lábẹ́ igi tó gbìn fúnra rẹ̀. Àkànbí yí ká igi náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wúkọ́. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó tún un tì, gbàmù. Dúrótìmí yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìyá rẹ̀ tún wò ó, ní báyìí ó na abẹ̀bẹ̀ sí i.

Ibẹ̀ ni etí rẹ̀ ti gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéú.

Ẹ̀yìn ilé ni Àlùfáà Abdulmuiz ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní kéú lẹ́yìn àsárì. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó láápọn, ohun tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé ògiri ẹ̀yìnkùlé gbóná bí ààrò. Bí ogójì ọmọ ni wọ́n jókòó níbẹ̀, òógùn ń dà sórí wálàá ìkọ̀wé wọn.

“Sàlámù àléékúmù, Àlùfáà.”

“Wàáléékúmù sàlámù, Bàbá. Ẹ kú àsárì.”

“Ooru yìí mà pọ̀ fún àwọn ọmọ o.”

“Ó pọ̀, Bàbá. Kí la máa ṣe?”

“Abẹ́ máńgòrò tutù. Mo ń wò ó pé kò sí ìdí tí ẹ kò fi lè kó wọn síbẹ̀ lónìí.”

Fún ọdún mẹ́ta ni Àlùfáà ti ń tọrọ abẹ́ máńgòrò yẹn, ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì ti ń sọ fún un pé Màmá ń sinmi níbẹ̀. “Màmá kò ní bínú?”

“Sí Kùránì?” ni Àkànbí béèrè, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tuntun. “Ìyá mi? Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ké e dáadáa. Ó fẹ́ràn kí ohùn ròkè.”

Wọ́n tò jáde pẹ̀lú wálàá lọ́wọ́, wọ́n jókòó yí ẹní ká. Ìyá Hàúwà la ẹnu, ó rí Àlùfáà, ó sì pa á dé. Àlùfáà gbé ọ̀pá kékeré rẹ̀ sókè. Ogójì ọmọ fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, bí ẹni pé Mẹ́kà ni wọ́n fẹ́ kí ó gbọ́ láti Òkèlele.

Ẹyẹ kúrò lórí máńgòrò. Dúrótìmí dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà, fìlà tuntun kan wà lórí rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Níbo ni mo wà?”

“Ilé,” ni Ìyá Hàúwà dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀, ó sì wò ó pẹ́. Wọn kò jí àlejò nílé rẹ̀; Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló jí i, kò sì sí ẹni tó lè fi abẹ̀bẹ̀ lu ìyẹn. “Àkànbí,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “èmi ni mo bí ẹ o. Mo mọ̀ ẹ́.”

*

“Aago mélòó lù?” ni Dúrótìmí béèrè nínú mọ́tò, ó ń gbọn ìrẹsì kúrò lára fóònù rẹ̀.

“Márùn-ún ku mẹ́wàá.”

“Ó ti lé ní wákàtí kan tí mo ti ń sùn?” Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Mo ti bà á jẹ́, Alájì. Mo ti ba alẹ́ jẹ́, mo sì pàdánù ọ̀sán mi. Bóyá kí ẹ kúkú gbé mi padà sí hòtẹ́ẹ̀lì.”

Àkànbí wo ojú ọ̀run. Oòrùn ṣì wà níbẹ̀, ó ti rọlẹ̀ díẹ̀ ni, ó ti di aláwọ̀ epo.

“Ọ̀gá, oòrùn yìí ò ní wọ̀ títí di aago méje ku díẹ̀. Oògùn yín kò tíì tán nínú ìgò. Ibi kan ló kù, kì í ṣe méje, kì í ṣe mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí awò yẹn wà lápò, ẹ jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ rìn ín.”

Wọ́n gbé mọ́tò sílẹ̀, wọ́n rìn. Eruku ilẹ̀ pupa ń gòkè, oòrùn sì ń wọ Dúrótìmí lójú tààrà, Àkànbí ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ kí òjìji òun má baà bò ó. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn amọ̀kòkò, ẹnjiníà ti jí délẹ̀.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Sàfúrátù ló jẹ́ kí wọ́n dúró ti òun. Ó da ojú ìkòkò àtijọ́ kan délẹ̀, ó tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lù ú yí ká títí amọ̀ fi gba àwòrán ìkòkò náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣí i kúrò, yóò sì máa fi amọ̀ tó yí bí okùn kọ́ ọrùn lé e. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí ohun tó ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rìn yí ìkòkò ká. Dúrótìmí ẹlẹ́rọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wò bí ẹni pé wọ́n fẹ́ dán an wò lórí rẹ̀.

“Ẹ fún mi ṣe díẹ̀, mà.”

“Ọwọ́ yín mọ́ jù,” ni Sàfúrátù wí, ó sì ju amọ̀ sí i. “Ẹ lù ú. Ẹ kò lù ú, ẹ̀ ń kí i ni. Ẹ lù ú!”

Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó. Ìkòkò tí Dúrótìmí mọ jọ fìlà tí màlúù tẹ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ọ̀pá gíga yọ àwọn ìkòkò tó ti jinná nínú iná ìta gbangba, tí wọ́n ń wọ́n omi èèpo èso irú sí wọn lára, tí wọ́n ń dún ṣàààà, tí ara wọn sì ń di dúdú tó ń dán. Kò yán lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn wọ̀ tán kí ó tó gbà láti lọ, àmù kékeré kan lábẹ́ abíyá rẹ̀.

“Tí ẹ bá fọ́ èyí ńkọ́?” ni Àkànbí béèrè.

“Ewúrẹ́ wà ní Kánádà pẹ̀lú.”

Ìyá Hàúwà ti ro túwó sílẹ̀ fún àlejò rẹ̀. Àkànbí ṣàlàyé pé dókítà ní kí ó jẹ oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́. Fún ìyẹn, ìyá rẹ̀ dárí jì í, torí ó máa ń gba ọ̀rọ̀ dókítà gbọ́ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín ni Dúrótìmí jẹ, Ìyá Hàúwà sì ń sọ fún un pé wọn kì í jí àlejò nílé òun. Ní aago mẹ́jọ, Àkànbí já a sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ní kí ó má fi ojú kan fóònù, kí ó dúró di mẹ́sàn-án, kí ó sì pa iná. Ó wá lọ sílé, ó dùbúlẹ̀, ó sì ń ronú nípa iṣu.

*

Ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, ó wọ iwájú hòtẹ́ẹ̀lì. Dúrótìmí ti jókòó níta, ó ti fárùngbọ̀n, ó ti wọ kóòtù, awò dúdú wà lójú rẹ̀.

“Ẹ sùn, ọ̀gá?”

“Láti mẹ́sàn-án àbọ̀ di márùn-ún kọjá. Mo ta jí lẹ́ẹ̀kan, mo tún padà. Alájì, n kò mọ ohun tí ẹ ṣe, ó ṣiṣẹ́.”

“Oògùn yín ni,” ni Àkànbí wí. Ohun kan tú nínú àyà rẹ̀, ó sì tú dé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí iṣu ti máa ń dùn ún.

Ó gbé àpótí ẹ̀rọ wọlé. Kí ó tó jáde, ó gbọ́ tí Dúrótìmí ń sọ fún àwọn àgbà mẹ́ta náà pé kì í ṣe àpólò, ó sì ń ṣàlàyé aago inú ara fún wọn, débi tí ẹni tó sún àga sẹ́yìn lánàá fi sún un padà síwájú. Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kajú, ká-ká-ká, ọmọ funfun ń jáde ní odindi. Ó gbọ́ ẹ̀rín Hàjíà, ohun tí kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ó padà sínú mọ́tò, ó rọ ìjókòó sẹ́yìn díẹ̀, kí ó kàn fi ara lé e.

Nígbà tí Hàjíà Màsúdát àti àlejò rẹ̀ jáde ní aago mẹ́wàá, ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Hàjíà lọ sí ìdí mọ́tò, ó sì dúró. Awakọ̀ rẹ̀ ń hanrun, ẹnu là, fìlà funfun ti yẹ̀ sójú kan.

“Ẹ wo ọkùnrin yìí! Mo ní kí ó máa ṣọ́ oorun ẹlòmíì!” Ó gbé ọwọ́ láti gbá fèrèsé.

Dúrótìmí dì í lọ́wọ́ mú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Hàjíà, ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọn kì í jí i.”

“Ta ni kì í jí i?”

“Wọ́n kọ́ mi nílé ìyá rẹ̀ ni. Aago kan ni bàálù mi, àyè wà. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú.”

Hàjíà wo mọ́tò, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọ̀run. Nígbẹ̀yìn, ó fa àga méjì wá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sí ọ̀kan.

“Tí ó bá kọjá ogún,” ni ó wí, “èmi fúnra mi ni mo máa lọ pe àwọn ọmọ kéú. Ìyá rẹ̀ ti pè mí láàárọ̀, ó ti rojọ́ rẹ̀ fún mi tán.”